Kókó tí wọ́n dá padà, ta ló dá a padà?

Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá ti ń parí lọ, pírójẹ́ẹ̀tì a bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ ilé mi ní Àkúrẹ́. Òmíràn ń ti Oǹdó bọ̀, òmíràn ń ti Àkùngbá bọ̀. Àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ èdè Yorùbá ló ni wọ́n, Yorùbá ni wọ́n sì fi kọ wọ́n láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n kà á kó tó dé iwájú alábòójútó. Àmì ohùn tó ṣì rìn kì í dà mí láàmú, wéré la máa ń tún ìyẹn ṣe. Ohun tó máa ń dá mi dúró ni gbólóhùn tí kò ní àṣìṣe kankan, tí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ Yorùbá gidi, síbẹ̀ tí mo kà á tí mo tún un kà, tí n kò sì mọ ẹni tó ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀.

Ohun kan náà ló sábà máa ń fà á. Òǹkọ̀wé ti mú ọ̀rọ̀-ìṣe, ó ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Ìsọdorúkọ ni àwọn onímọ̀ èdè ń pè é, ó sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ èdè wa. A ó fi ì- síwájú jáde, ó di ìjáde. A ó fi à- síwájú gbé yẹ̀ wò, ó di àgbéyẹ̀wò. A ó fi àì- síwájú tó, ó di àìtó. Bí a bá sì fẹ́, a ó tún kọ́ńsónáǹtì iwájú pè pẹ̀lú í lẹ́yìn rẹ̀: lọ á di lílọ, ra á di ríra. Ìyá tó ń ta iṣu l'Ọjà Ọba tó sọ fún oníbàárà pé, "Wíwò ti tó o, ríra ló kù," ti ṣe ìsọdorúkọ méjì láàárín ìmí kan, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ sì gbọ́ ọ yékéyéké. Nítorí náà, n kò gbà fún àwọn tó ń sọ pé ká sá fún un pátápátá. Ohun tí mo fẹ́ wádìí níbí ni ìdí tí ti ìyá oníṣu fi yé wa, tí ti akẹ́kọ̀ọ́ kò fi yé wa.

Ẹ jẹ́ ká wo ìpínrọ̀ kan. Ọmọbìnrin kan ló kọ ọ́ nínú pírójẹ́ẹ̀tì tó ṣe lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbẹ̀ kókó Ìdànrè ń lò nídìí iṣẹ́ wọn. Mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ti yí ọ̀rọ̀ díẹ̀ padà nínú rẹ̀:

"Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wáyé ní Ìdànrè lórí ìlànà ìpèsè kókó fún ọjà. Ìwádìí ṣe àfihàn àìsí ìyípadà déédéé àti àìtó ìsásóòrùn gẹ́gẹ́ bí okùnfà ìdápadà kókó. Ìdínkù owó-wọlé jẹ́ àbájáde ìdápadà yìí. Bákan náà, ìrànlọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ti ní ìfàsẹ́yìn."

Kí ẹni tí kò bá kókó dàgbà lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóko. Bí àgbẹ̀ bá ti fọ́ kókó, á kó hóró tútù jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, á fi ewé bò ó, á sì fi sílẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje kó lè gbóná. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ó yẹ kó máa ṣí i, kó máa yí i, kí èyí tó wà létí òkìtì lè bọ́ sí àárín, kí gbogbo rẹ̀ sì gbóná dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni á sá a sóòrùn, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó gbẹ dé ibi tí omi inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí ó bá dọ́jà, ẹni tó fẹ́ rà á á bu hóró díẹ̀, á gé e sí méjì, á wo inú rẹ̀. Inú èyí tó gbóná dáadáa á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àwọ̀ ilẹ̀. Èyí tí kò gbóná tó á ní àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ àlùkò nínú. Èyí tí kò gbẹ á bu. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá kókó padà.

Ẹ wá padà sí ìpínrọ̀ náà. Gbogbo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí wà nínú rẹ̀ bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe rò, àmọ́ ẹ wá ènìyàn kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tó gbé ọwọ́ sókè ṣe nǹkan, ẹ kò ní rí i. Ta ló fi ọ̀rọ̀ wá ta lẹ́nu wò? Ta ni kò yí kókó? Ta ló dá a padà? Àwọn àgbẹ̀ tí orúkọ wọn fara hàn ní gbólóhùn ìkẹyìn kò tiẹ̀ ṣe nǹkan kan níbẹ̀, "ìrànlọ́wọ́" ni wọ́n so mọ́ wọn lọ́rùn. Ó tún ku kinní kan. "Ìyípadà" ti ní iṣẹ́ mìíràn nínú èdè wa tipẹ́. Ẹni tó bá ka "àìsí ìyípadà" á rò pé nǹkan wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni, kò ní ronú kan òkìtì kókó tí ẹnikẹ́ni kò yí. Nígbà tó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, tí wọ́n ní "wọn kò yí kókó," kò sí bí ẹnì kan ṣe lè ṣì í gbọ́.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, òun ni mo sì fẹ́ dúró lé lórí. "Ìrànlọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ti ní ìfàsẹ́yìn." Ṣé ìrànlọ́wọ́ tí àwọn àgbẹ̀ ń rí gbà ló dín kù ni, àbí èyí tí wọ́n ń ṣe fún ẹbí àti ará? Mo bi ọmọ náà. Ó ní, "Èyí tí ìjọba ń ṣe fún wọn ni, sà." Mo ní èmi rò pé owó tí wọ́n fi ń rán ọmọ lọ sílé ìwé ló ń sọ, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé owó wọn dín kù. Ó wo ìwé náà fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ó lè túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́."

Ohun tó fà á nìyí. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ni ràn…lọ́wọ́. Ó ní àyè kan láàárín tó jẹ́ ti àbọ̀, ìyẹn ẹni tí wọ́n ràn. Nígbà tí a bá sọ pé "ìjọba ràn wọ́n lọ́wọ́," olùwà wà níwájú, àbọ̀ wà ní àyè rẹ̀, kò sí ẹni tó lè gba ipò ẹnì kejì. Bí a bá wá sọ ọ́ di ìrànlọ́wọ́, àyè àárín yẹn pa dé láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, olùwà náà sì já bọ́. Ọ̀rọ̀-orúkọ yòówù tó bá tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ẹ̀yán lásán ló jẹ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń ṣàlàyé orúkọ tó ṣáájú rẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹni tó ṣe é, ó lè jẹ́ ẹni tí wọ́n ṣe é fún, gírámà kò ní sọ èwo ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrẹ́jẹ àwọn òṣìṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbẹ̀rù àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ṣé àwọn ló ń bẹ̀rù ni, àbí àwọn ni olùkọ́ ń bẹ̀rù?

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, làákàyè ló máa ń yanjú rẹ̀ fún wa. Bí ẹnì kan bá ní "ìtọ́jú àwọn aláìsàn," a mọ̀ pé aláìsàn kọ́ ló ń tọ́jú ènìyàn. Àmọ́ iṣẹ́ ìwádìí yàtọ̀. Ohun tí òǹkàwé kò tíì mọ̀ la fẹ́ sọ fún un níbẹ̀, làákàyè rẹ̀ kò sì lè dí àlàfo ohun tí kò tíì mọ̀.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ni pé èdè wa fúnra rẹ̀ ti pèsè ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò kàn lò ó ni. Ọ̀nà kan ni kí a fi ni dí àyè àbọ̀ yẹn. Ìrànnilọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ìrẹ́nijẹ àwọn òṣìṣẹ́: níwọ̀n ìgbà tí ni ti jókòó sí àyè ẹni tí wọ́n ṣe é sí, ẹni tó bá wà lẹ́yìn kò lè jẹ́ ẹlòmíràn ju ẹni tó ṣe é lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń rẹ́ ènìyàn jẹ. Ọ̀nà kejì ni kí a lo àpètúnpè ẹlẹ́bẹ, irú ti lílọ àti ríra, dípò ì-. Ríràn àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́, rírẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ jẹ: níbí, àbọ̀ kò kúrò ní ipò rẹ̀ rárá, àárín gbùngbùn ló wà, bó ṣe wà nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń rẹ́ jẹ. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni méjèèjì, kò sì sí ìrújú nínú èyíkéyìí.

Àì- náà máa ń jẹ́ kí àbọ̀ dúró sí ipò rẹ̀, àwọn àgbà sì ti lo èyí ṣe òwe fún wa. Ẹ gbọ́ èyí: "Àìtètè mólè, olè ń mólóko." Olè wà lẹ́yìn mú, ipò àbọ̀ ló wà, nítorí náà òun ni wọn kò tètè mú. Wọn kò dárúkọ ẹni tí kò mú un, àmọ́ kí òwe náà tó parí, olóko ti yọjú. Ẹ tún gbọ́ èkejì: "Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà." Kọ́wọ̀ọ́rìn kò wá àbọ̀ kankan mọ́, ohun tó bá tẹ̀ lé e kò lè ṣe ju kó jẹ́ olùṣe lọ. Ejò ni kò kọ́wọ̀ọ́ rìn. Òwe méjì, àfòmọ́ kan náà, ọ̀rọ̀-orúkọ tó wà lẹ́yìn sì ń ṣe iṣẹ́ tó yàtọ̀ síra wọn pátápátá, síbẹ̀ kò sí ọmọ Yorùbá tó máa ń ṣi èyíkéyìí gbọ́. Mo fẹ́ràn láti fi òwe méjèèjì yìí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nítorí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ni ìsọdorúkọ, pé ará oko kì í lò ó. Ará oko ń lò ó. Ó kàn ń rí i dájú pé ẹni tó ṣe nǹkan kò sọnù ni.

Ẹ̀gbẹ́ kejì wàhálà yìí kò gba àlàyé tó bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ti di orúkọ, gbólóhùn á ṣófo ní ibi tí ọ̀rọ̀-ìṣe yẹ kó wà, ohun kan sì gbọ́dọ̀ dí i. Ìdí nìyẹn tí "wáyé," "ṣe," "ní," "jẹ́" àti "ṣe okùnfà" fi kún inú pírójẹ́ẹ̀tì bí èpò. Wọn kò ní "mo gbé e yẹ̀ wò" mọ́, àfi "àgbéyẹ̀wò rẹ̀ wáyé." Wọn kò ní "owó dín kù," àfi "owó ní ìdínkù." Bí mo bá rí "wáyé" ní gbólóhùn méjì tó tẹ̀ léra, mo ti mọ ohun tí mo máa bá lókè.

Mo bi ọ̀pọ̀ nínú wọn ìdí tí wọ́n fi ń kọ ọ́ báyìí. Àwọn kan ní bó ṣe wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn kà nìyẹn, àwọn sì gbé e wá bó ṣe wà. Àwọn tó pọ̀ jù ní wọ́n sọ fún àwọn pé kí àwọn má kọ "mo" sínú iṣẹ́ ìwádìí, pé kò bójú mu, pé kí iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó gbé òfin yẹn kalẹ̀, wọn kò fẹ́ kí ọmọdé fi èrò ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Àmọ́ ẹ wo ibi tí òfin náà gbé wa dé. Yorùbá kò ní gbólóhùn tí àbọ̀ ti ń dìde láti wá jókòó sí ipò olùwà bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí a ní ni "wọ́n," a sì ti lo "wọ́n" tó. Bí a bá gba "mo" lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí "wọ́n" kò sì bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu, ibo ni yóò sá lọ bí kò ṣe sínú ìsọdorúkọ? Èrò tèmi ni pé kí ẹni tó bá lọ sí Ìdànrè kọ ọ́ pé "mo lọ sí Ìdànrè." Bí alábòójútó kò bá gbà, "a" wà níbẹ̀, "olùwádìí" náà wà níbẹ̀. Méjèèjì ṣì sàn ju ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó dá rìn lọ sóko fúnra rẹ̀.

Bí ìpínrọ̀ yẹn ṣe rí nígbà tí èmi àti ọmọ náà parí iṣẹ́ lórí rẹ̀ nìyí:

"Mo lọ bá àwọn àgbẹ̀ kókó ní Ìdànrè, mo sì bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe kókó láti ìgbà tí wọ́n bá fọ́ ọ títí di ìgbà tí wọ́n bá kó o lọ sọ́jà. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn máa yí kókó tó wà lábẹ́ ewé, àmọ́ àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ láìní alágbàṣe kì í ráyè yí i. Lásìkò òjò, wọ́n tún máa ń kó o kúrò níta kó tó gbẹ. Bí àwọn tó ń ra kókó bá gé irú hóró bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n á dá a padà. Ìdápadà yìí ló mú kí owó tó ń wọlé fún àwọn àgbẹ̀ náà dín kù. Wọ́n ní ìjọba kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, n kò sì bẹ̀bẹ̀ fún un. Iye àwọn àgbẹ̀ tó bá sọ̀rọ̀ ṣì kù tí yóò fi sí i. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ọ̀rọ̀ àwọn alágbàṣe yẹn. Kò sí nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ rárá. Inú ìwé ìléwọ́ rẹ̀ ló wà. Nígbà tí mo bi í pé "ta ni kò yí kókó?" ni ó ṣí i, tó sì rí i pé kì í ṣe gbogbo wọn. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ "àìsí ìyípadà" ló kọ, kò sí ohun tó sọ fún un pé ẹni tí kò yí i ṣe pàtàkì. Nínú gbogbo pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo rò pé ohun tó tuntun jù lọ nìyẹn, ìsọdorúkọ kan ló sì fẹ́ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ ó rí i pé mo fi "ìdápadà" sílẹ̀. N kò gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Gbólóhùn tó ṣáájú rẹ̀ ti sọ pé àwọn tó ń ra kókó á dá a padà. Olùwà wà níbẹ̀, àbọ̀ wà níbẹ̀, òǹkàwé ti rí gbogbo rẹ̀. Bí a ṣe wá fẹ́ sọ ohun tí ó fà, a nílò orúkọ kan tí a lè fi di gbogbo gbólóhùn yẹn mú, ká sì fi bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn. "Ìdápadà yìí" ṣe é. Bí a kò bá lò ó, a ó ní "bí àwọn tó ń ra kókó ṣe ń dá a padà lẹ́yìn tí wọ́n bá gé hóró rẹ̀ wò yìí ló mú kí…," èyí á sì rẹ òǹkàwé kó tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Onímọ̀ èdè kan tó ń jẹ́ Máíkẹ́lì Hálídéè ló kọ́ mi láti máa wo ìsọdorúkọ lójú yìí. Ó yẹ bí Áísáàkì Níútọ̀nù ṣe kọ Gẹ̀ẹ́sì wò nínú ìwé rẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀, tó jáde ní 1704. Ohun tí Hálídéè rí ni pé Níútọ̀nù á kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀-ìṣe sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, pé ìmọ́lẹ̀ tẹ̀ nígbà tó gba inú dígí kọjá. Lẹ́yìn náà ni á sọ títẹ̀ yẹn di orúkọ, á sì gbé e síwájú gbólóhùn mìíràn láti fi sọ ohun tí ó bí. Orúkọ yẹn ti gbé ohun tí a ti mọ̀ dání, ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e ló ń gbé ohun tuntun wá. Hálídéè ní láti ara irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí ọ̀nà láti máa to ìdí lé ìdí. Ohun tí mo mú nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ tèmi ni ẹ̀tò yẹn: ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń ṣáájú, orúkọ ló ń tẹ̀ lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi orúkọ bẹ̀rẹ̀ láìtíì sọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà ń tọ́ka sí ohun tí òǹkàwé kò tíì rí.

Ibòmíràn wà tí n kì í fọwọ́ kan ìsọdorúkọ, ìyẹn ni orúkọ tí ìmọ̀ kan ti fọwọ́ sí. Ẹ wo ẹ̀ka ìmọ̀ èdè fúnra rẹ̀. Bí fáwẹ́lì kan bá pòórá nígbà tí ọ̀rọ̀ méjì pàdé, tí wá owó di wówó, ìpajẹ la ń pè é. Bí ìró kan bá ran èkejì, àrànmọ́ ni. Ìwé èdè-ìperí méjì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú wọn, tí èkíní jáde ní 1984, tí èkejì jáde ní 1990, kún fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n sọ di orúkọ láti fi jẹ́ irinṣẹ́. Ènìyàn kì í bi ìpajẹ pé ta ló ṣe é, nítorí kò sí ẹnì kankan tó ṣe é. Ẹni tó bá sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tú "ìpajẹ" padà sí gbólóhùn nígbà gbogbo ń fi iṣẹ́ ṣòfò. Kó ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú àpẹẹrẹ, kó sì máa lò ó lọ.

Àkọlé náà ní òmìnira tirẹ̀. "Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ àwọn Àgbẹ̀ Kókó ní Ìdànrè" dára, orúkọ ló ń jẹ́, kò sọ pé òun ń ròyìn. Àmọ́ bí orúkọ tó ní ọ̀rọ̀-ìṣe nínú bá ti tò tẹ̀ léra ju mẹ́ta lọ lójú kan, kódà lórí àkọlé, mo máa ń já a. Yorùbá kì í sábà fi ọ̀rọ̀ kankan sáàárín orúkọ àti ẹ̀yán rẹ̀ láti fi èyí tó gbára lé èkejì hàn. "Àgbéyẹ̀wò ìlànà ìṣàmúlò ìpolówó ọjà," kí ló ń sọ gan-an? Ṣé ìlànà la fẹ́ yẹ̀ wò ni, àbí bí wọ́n ṣe ń lò ó, àbí ìpolówó fúnra rẹ̀?

Bí mo ṣe ń ṣe é lórí ìwé kò le. Mo máa ń fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ tó ní ọ̀rọ̀-ìṣe nínú. Mo á wá gbé ojú sẹ́yìn: ṣé ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn ti fara hàn ní gbólóhùn tó ṣáájú, pẹ̀lú olùwà rẹ̀? Bó bá ti fara hàn, mo fi sílẹ̀. Ṣé èdè-ìperí ni? Mo fi sílẹ̀. Bí kò bá jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, mo kọ "ta ni?" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irú ìrànlọ́wọ́ tàbí ìrẹ́jẹ tí àyè àbọ̀ rẹ̀ ṣófo, tí ènìyàn sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn, mo kọ "ta ló ṣe é sí ta?" Ojú ewé kan lè ní pupa púpọ̀ tí kò sí ìbéèrè kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn dára.

Nígbà mìíràn, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ìdáhùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí "ìdápadà" nìyẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ "ta ni?" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọmọ náà ní, "Àwọn tó ń rà á ni, sà."

Mo ní, "Ṣé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Rárá, sà. Wọ́n kàn ní wọ́n dá a padà ni. Èmi ni mo rò pé ẹni tó ń rà á ló máa jẹ́."

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń bá wọn kó o jọ, tàbí àwọn tó ń yẹ kókó wò fún ìjọba kó tó kúrò ní ìpínlẹ̀. Bí ẹni tó dá a padà bá ṣe yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí àgbẹ̀ lè ṣe sí i yàtọ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún un nídìí iṣẹ́ náà lè yàtọ̀ pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ló sì gbé pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dání. Nọ́ńbà fóònù ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti pè é. Mo gbọ́ tó ń kí i, tó ń bi í léèrè ọmọ àti oko, kó tó bi í pé, "Bàbá, lọ́jọ́ tí wọ́n dá kókó yín padà yẹn, ta gan-an ló dá a padà?"

Àwọn tó ń rà á ni. Wọ́n gé e wò lójú bàbá. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà kí gbólóhùn náà dúró bí ẹ ṣe rí i lókè.